Nígbà Tí Aago Nàìjíríà Fi Ààbọ̀ Wákàtí Ṣáájú Ti Lọ́ńdọ̀nù

Ọ̀kan nínú wa ní Fìdítì pàdánù iṣẹ́ nítorí wákàtí kan péré. Àwọn tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ wà ní Kàtìmàńdù, olú-ìlú Nẹpáàlì. Wọ́n ní kó yọjú sórí fóònù ní aago 2:15 ọ̀sán, ìyẹn aago tiwọn. Ó mọ̀ pé wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 45 ni wọ́n fi ṣáájú wa. Ó yọ 4 kúrò nínú 14, ó ku 10. Ó kan ìṣẹ́jú, ó yọ 15 kúrò nínú 45, ó ku 30. Aago 10:30 àárọ̀ ló yọjú. Láti aago 9:30 ni wọ́n ti ń dúró dè é.

Ẹ wò ó dáadáa o. Ìṣẹ́jú 30 yẹn tọ̀nà, wákàtí ló ṣìnà. A kò lè yọ 45 kúrò nínú 15, àfi ká yá wákàtí 1. Ìṣẹ́jú 60 tá a yá, pẹ̀lú 15, di 75. Yọ 45, ó ku 30. Ṣùgbọ́n 10 tó yá wa ní wákàtí ti di 9. Ìyẹn lọ̀rẹ́ wa gbàgbé, torí pé ìdáhùn tó ní ìṣẹ́jú tó péye kì í fura síni. Bó bá dá a padà ni, ì bá rí i: 10:30 pẹ̀lú 4:45 jẹ́ 3:15 ọ̀sán, kì í ṣe 2:15.

Báyìí làwa ń ṣe é báyìí: yọ wákàtí 5 gbáko, kó o wá dá ìṣẹ́jú 15 padà. 2:15 di 9:15, 9:15 di 9:30. Ti Íńdíà rọrùn díẹ̀, wákàtí 4 àti ààbọ̀ ni wọ́n fi ṣáájú wa, torí náà ọgbọ̀n ìṣẹ́jú là ń dá padà. Ti Lọ́ńdọ̀nù kò tiẹ̀ ní wàhálà, ìṣẹ́jú tiwọn àti tiwa kì í yàtọ̀.

Àmọ́ ìṣẹ́jú tiwa àti tiwọn ti yàtọ̀ rí. Ayé ń yí, oòrùn sì ń tètè dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà lápá ìlà oòrùn. Dìgírì 1 lórí máàpù jẹ́ ìṣẹ́jú 4. Tá a bá fi oòrùn wò ó, Èkó fi ìṣẹ́jú 13 àti ìṣẹ́jú-àáyá 35 ṣáájú Gírínííṣì. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje 1905, Èkó gba aago Gírínííṣì. Ní 1908, wọ́n padà sí ìṣẹ́jú 13 àti ìṣẹ́jú-àáyá 35 yẹn. Ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ fi orí ṣírò ìyẹn ná!

Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1914, ọjọ́ tí Lugard so Àríwá àti Gúúsù pọ̀ gan-an, ni aago tuntun bẹ̀rẹ̀: ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú Gírínííṣì. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú jẹ́ dìgírì 7 àti ààbọ̀, ìlà yẹn sì gba ìtòsí Ẹnúgu àti ibi tí Àbújá wà lónìí kọjá. Fìdítì wà ní nǹkan bíi dìgírì 3.9, oòrùn tiwa jẹ́ ìṣẹ́jú 15 sí 16. Nítorí náà, aago 1914 fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 14 ṣáájú oòrùn wa. Kò burú rárá, lójú tiwa. Aago òde òní ló sá jìnnà: nígbà tó bá lu 12, ó kù tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 44 kí oòrùn tó dé àtàrí ní Fìdítì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí ń dín, ó sì ń lé, bí oṣù ti ń yí.

Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án 1919 ni wọ́n sọ ọ́ di wákàtí 1 odidi. Àwọn tó ń ka lẹ́tà àti wáyà ayé ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ẹ mú ọjọ́ kọkànlá oṣù Kọkànlá 1918, nígbà tí ìbọn dákẹ́ ní Faransé ní aago 11 àárọ̀. Aago Gírínííṣì ni Faransé ń lò nígbà náà. Ẹni tó bá fi wákàtí 1 ti òde òní kún un yóò ní aago 12 ọ̀sán ni ní Ìbàdàn. Irọ́ ni, aago 11:30 ni. Ìwé tó bá sọ 11:30 kò ṣàṣìṣe, ẹ má bá a tún un ṣe. Kódà, nínú àkọsílẹ̀ tí fóònù àti kọ̀ǹpútà fi ń mọ aago, níbi tí wọ́n ti ń pè wá ní `Africa/Lagos`, ààbọ̀ wákàtí yẹn ṣì wà níbẹ̀.

Làìbéríà ló wá le jù nínú gbogbo wa. Ìṣẹ́jú 44 àti ìṣẹ́jú-àáyá 30 ni aago tiwọn fi wà lẹ́yìn Gírínííṣì, títí di oṣù Kìíní 1972. Bí aago 1 ọ̀sán bá lù ní Ìbàdàn lọ́dún 1971, aago 11 kọjá ìṣẹ́jú 15 àti ìṣẹ́jú-àáyá 30 ni ní Mọnróvíà.