Àṣìṣe àtẹ̀lé àti ráṣíò ìwífún

Àṣìṣe àtẹ̀lé (TE) àti ráṣíò ìwífún (IR) jẹ́ òṣùwọ̀n méjì tí àwọn onímọ̀ ìnáwó ń lò láti fi èrè àpò ìdókòwò kan wé èrè atọ́ka ọjà tí wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n rẹ̀. Àṣìṣe àtẹ̀lé ń fi hàn bí ìyàtọ̀ tó wà láàárín èrè méjèèjì ṣe ń yí padà tó láti oṣù dé oṣù. Ráṣíò ìwífún ni ohun tí a máa ń rí nígbà tí a bá fi àṣìṣe àtẹ̀lé pín ìpíndọ́gba ìyàtọ̀ náà. Àpò atẹ̀lé-atọ́ka kò ní iṣẹ́ mìíràn ju pé kí ó mú irú èrè tí atọ́ka mú wá. Fún irú àpò bẹ́ẹ̀, òṣùwọ̀n àkọ́kọ́ wúlò, ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó. Èkejì sì lè ṣi ènìyàn lọ́nà nígbà tí èrè àpò bá kéré sí ti atọ́ka.

## Atọ́ka àti àpò tí ń tẹ̀lé e

Atọ́ka ọjà jẹ́ nọ́mbà tí a ṣírò láti ara iye owó ìpín ìdókòwò àwọn ilé-iṣẹ́ kan. Atọ́ka S&P 500, fún àpẹẹrẹ, dá lórí bí ọgọ́rùn-ún márùn-ún ilé-iṣẹ́ ńlá ní Amẹ́ríkà, bí ilé-iṣẹ́ kan bá sì ṣe tóbi tó lọ́jà ni ipa rẹ̀ ṣe pọ̀ tó nínú rẹ̀. Atọ́ka kò ra nǹkan kan, kò san owó fún alágbàtà, kò sì gba owó ìṣàkóso lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àpò tó ń tẹ̀lé e gbọ́dọ̀ fi owó gidi ra ìpín gidi. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìtàn àpò tí John Bogle dá sílẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Vanguard ní ọdún 1976 fi èyí hàn. Mílíọ̀nù 150 dọ́là ni wọ́n fojú sọ́nà fún nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ta ìpín rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n bíi mílíọ̀nù 11 dọ́là ni ó wọlé. Owó náà kéré jù láti ra gbogbo ìpín inú S&P 500 láìjẹ́ pé owó alágbàtà jẹ èrè run. Nítorí náà, wọ́n ra ti àwọn ilé-iṣẹ́ tó tóbi jù, wọ́n sì ṣa díẹ̀ nínú àwọn kékeré kí wọ́n lè dúró fún ìyókù. Ọ̀nà yìí dín ìnáwó kù, ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan: bí ìpín tí àpò kò rà bá fò sókè lójijì, atọ́ka yóò gòkè, àpò kò sì ní bá a lọ.

## Bí a ṣe ń ṣírò wọn

Lóṣooṣù, a ó yọ èrè atọ́ka (R_B) kúrò nínú èrè àpò (R_P). Ohun tó kù ni ìyàtọ̀ oṣù náà (d). Lẹ́yìn náà, a ó wá ìpíndọ́gba àwọn ìyàtọ̀ náà (m), a ó sì wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe jìnnà sí ìpíndọ́gba yìí (s). Nígbà tí iye oṣù bá jẹ́ n:

```
d  = R_P - R_B
s  = √( Σ(d - m)² / (n - 1) )
TE = s × √12
IR = (m × 12) / TE
```

A máa ń fi 12 sọ ìpíndọ́gba oṣù di ti ọdún. Fún s, gbòǹgbò alágbáraméjì ti 12 ni a ń lò, nítorí pé àwọn ìyàtọ̀ tí kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ara wọn máa ń pa ara wọn rẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí oṣù ti ń gorí oṣù.

## Àpẹẹrẹ àpò méjì

Àwọn nọ́mbà tó wà nísàlẹ̀ yìí jẹ́ èyí tí a gbé kalẹ̀ fún àlàyé nìkan. Àpò méjì ń tẹ̀lé atọ́ka kan náà fún oṣù mẹ́fà. Ìyàtọ̀ èrè wọn sí ti atọ́ka rèé:

| Oṣù | Àpò Kìíní | Àpò Kejì |
|---|---|---|
| 1 | -0.02% | +0.05% |
| 2 | -0.03% | -0.07% |
| 3 | -0.02% | +0.03% |
| 4 | -0.03% | -0.05% |
| 5 | -0.02% | +0.06% |
| 6 | -0.03% | -0.08% |

Ìpíndọ́gba ìyàtọ̀ Àpò Kìíní jẹ́ -0.025% lóṣù, èyí tó jẹ́ -0.30% lọ́dún. Oṣù kọ̀ọ̀kan jìnnà sí ìpíndọ́gba yìí ní 0.005% péré, nítorí náà s jẹ́ 0.0055%, TE sì jẹ́ 0.019% lọ́dún. Bí a bá fi 0.019 pín -0.30, IR rẹ̀ yóò jẹ́ nǹkan bíi -15.8.

Ìpíndọ́gba ìyàtọ̀ Àpò Kejì jẹ́ -0.01% lóṣù, ìyẹn -0.12% lọ́dún. Àwọn oṣù rẹ̀ ń lọ sókè sódò gan-an: s jẹ́ 0.064%, TE jẹ́ 0.22%, IR rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi -0.55.

Bí ènìyàn bá wo TE nìkan, Àpò Kìíní ni yóò yàn, nítorí pé àṣìṣe àtẹ̀lé rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ti èkejì. Síbẹ̀, ẹni tó fi owó rẹ̀ sínú Àpò Kìíní ni ó pàdánù jù. TE kò rí àdánù náà, nítorí pé ó ti yọ ìpíndọ́gba kúrò kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ohunkóhun. Àpò tó bá ń fi iye kan náà gẹ́lẹ́ rẹ̀yìn lóṣooṣù yóò ní TE òdo, bí ó ti wù kí iye náà pọ̀ tó.

Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ ka nọ́mbà kẹta mọ́ ọn, ìyẹn àlàfo èrè: èrè àpò fún odidi ọdún kan tí a yọ ti atọ́ka kúrò nínú rẹ̀. Àlàfo èrè ń sọ iye tí títẹ̀lé atọ́ka ná ẹni tó ni owó. TE ń sọ bí ó ṣe lè gbẹ́kẹ̀ lé e tó pé iye náà kò ní yí padà lọ́dún tó ń bọ̀. Ní ọdún 2012, ESMA, àjọ tó ń bójú tó ọjà ìdókòwò ní Ìparapọ̀ Yúróòpù, gbé ìlànà jáde tó ya méjèèjì sọ́tọ̀, tó sì ní kí àwọn àpò atẹ̀lé-atọ́ka máa kọ wọ́n sínú ìròyìn ọdọọdún wọn.

## Ìdí tí ráṣíò ìwífún fi ń ṣini lọ́nà níbí

Ráṣíò ìwífún fara jọ òṣùwọ̀n kan tí Jack Treynor àti Fischer Black kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1973. Ohun tí a fẹ́ fi irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ mọ̀ ni bóyá alábòójútó tó mọ̀ọ́mọ̀ yà kúrò lọ́nà atọ́ka rí èrè tó tó ewu tó gbé. Fún irú alábòójútó bẹ́ẹ̀, ìbéèrè náà bọ́gbọ́n mu. Alábòójútó àpò atẹ̀lé-atọ́ka kò yà kúrò fún èrè kankan. Owó ìṣàkóso nìkan ti tó láti mú kí ìyàtọ̀ rẹ̀ kéré sí òdo.

Nígbà tí ìyàtọ̀ bá ti kéré sí òdo, ìṣirò náà yóò dorí kodò. Ká sọ pé Àpò Kìíní di aláìbìkítà, tí TE rẹ̀ sì di ìlọ́po mẹ́wàá, ìyẹn 0.19%, láìjẹ́ pé àlàfo rẹ̀ yí padà kúrò ní -0.30%. IR rẹ̀ yóò kúrò ní -15.8, yóò sì di -1.58. Nọ́mbà náà dà bí ẹni pé ó sàn sí i, bẹ́ẹ̀ àpò náà kò mú èrè kún èrè, iṣẹ́ àtẹ̀lé rẹ̀ sì ti bàjẹ́. Nítorí náà, kò yẹ kí a fi IR tó wà lábẹ́ òdo to àwọn àpò atẹ̀lé-atọ́ka sí ipò kìíní, kejì àti ẹ̀kẹta.

## Ohun tó ń fa ìyàtọ̀

Owó ìṣàkóso máa ń dín èrè kù díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Ó ń mú kí àlàfo èrè pọ̀, ṣùgbọ́n kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kan TE. Owó tí àpò kò tíì fi ra ìpín yàtọ̀ sí èyí: bí ọjà bá gòkè, yóò fa àpò sẹ́yìn; bí ọjà bá já wálẹ̀, yóò dáàbò bò ó. Irú ohun bẹ́ẹ̀ ló ń mú TE pọ̀.

Ìyípadà nínú atọ́ka fúnra rẹ̀ tún jẹ́ orísun pàtàkì. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá ọdún 2020, wọ́n kéde pé Tesla yóò wọ inú S&P 500 kí ọjà tó ṣí ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá. Láàárín ìgbà náà, owó ìpín Tesla gòkè ní nǹkan bíi 70%. Iye tí ọjà fi pa dé ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ni atọ́ka fi bẹ̀rẹ̀ sí í ka Tesla. Àpò tó bá rà á ní iye yẹn gẹ́lẹ́ kò ní ìyàtọ̀ kankan sí atọ́ka. Ká sọ pé alábòójútó kan ti fi 0.5% owó àpò rà á ní ọjọ́ ìkéde. Èrè tí àpò yóò fi ju atọ́ka lọ á súnmọ́ 0.35%, kí a tó yọ èrè ìpín tó tà láti fi rà á. Inú àwọn tó ni owó yóò dùn, ṣùgbọ́n TE yóò fò sókè, nítorí pé rírà á ṣíwájú atọ́ka jẹ́ ewu tí ẹnikẹ́ni kò rán an. Bí owó Tesla bá ti já wálẹ̀ ni, àdánù ni ì bá jẹ́.

## Bí a ṣe lè mọ ìṣirò tó ṣì

Ìyàtọ̀ tí a rí lè má ti ọwọ́ alábòójútó wá rárá. Ẹ̀dà S&P 500 kan ń ka iye owó ìpín nìkan; òmíràn ń ka èrè tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń pín fún oníìpín mọ́ ọn. Àpò máa ń gba èrè yìí. Bí àpò atẹ̀lé-atọ́ka kan bá dà bí ẹni tó ń fi ju 1% lọ borí atọ́ka lọ́dọọdún, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀dà tí kò ka èrè náà ni wọ́n fi wé e.

Èkejì ni àkókò tí ọjà ń pa dé. Ọjà Tókíò ti máa ń pa dé kí ti Níú Yọ́ọ̀kì tó ṣí. Bí a bá fi iye tí wọ́n ta àpò kan ní Níú Yọ́ọ̀kì wé atọ́ka Nikkei 225 ti ọjọ́ kan náà, ìròyìn tó jáde lẹ́yìn tí Tókíò ti pa dé yóò hàn nínú èrè àpò lónìí, yóò sì hàn nínú ti atọ́ka lọ́la. Ìyàtọ̀ òní àti ti ọ̀la yóò pa ara wọn rẹ́, ṣùgbọ́n TE ojoojúmọ́ yóò ka méjèèjì. Àmì tí a fi ń dá a mọ̀ ni pé TE tí a ṣírò láti inú èrè ojoojúmọ́ máa ń ga ju èyí tí a ṣírò láti inú èrè oṣooṣù lọ púpọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ti sọ méjèèjì di ti ọdún. Níbi tí èyí bá ti rí bẹ́ẹ̀, ti oṣooṣù ni ó yẹ kí a gbà.