Ọ́sálétì inú ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti sípínáṣì

Ọ́sálétì inú ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti sípínáṣì ni iyọ̀ ásíìdì ọ́sálìkì tí àwọn ewéko méjèèjì ń ṣe sínú ewé wọn bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Ara ènìyàn kò lè lo ọ́sálétì fún ohunkóhun. Èyí tí ó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀ ń bá ìtọ̀ jáde, inú ìtọ̀ yìí ni ó sì ti lè dì mọ́ kálsíọ̀mù kí ó di òkúta inú kíndìnrín. Ní ilẹ̀ Rẹ́mọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí tẹ̀tẹ̀ ti jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀fọ́ tí a ń jẹ jù, àṣà àwọn tí ń ro ẹ̀fọ́ ni pé kí wọ́n bọ ewé, kí wọ́n da omi rẹ̀ nù, kí wọ́n sì fún un kí ó tó wọ inú ata. Ìgbésẹ̀ yìí gan-an ni ó ń mú ọ́sálétì kúrò nínú ẹ̀fọ́.

## Orúkọ àti irú ẹ̀fọ́ tí ọ̀rọ̀ kàn

Ní ọjà Ṣàgámù, Ìkẹ́nnẹ́ àti àwọn ìlú Rẹ́mọ yòókù, ewé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní sípínáṣì tàbí «gíríìnì» kì í ṣe sípínáṣì gidi. Tẹ̀tẹ̀ ni. Sípínáṣì gidi fẹ́ràn ojú ọjọ́ tútù, kì í sì í ṣe dáadáa nínú oòrùn ilẹ̀ Yorùbá. Ìlú òkèèrè ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti máa ń bá a pàdé, wọn a sì fi rọ́pò tẹ̀tẹ̀ nínú ẹ̀fọ́ rírò. Ìdàrúdàpọ̀ orúkọ yìí kò ṣi ènìyàn lọ́nà púpọ̀ ní ti ọ́sálétì, nítorí inú ẹbí ewéko kan náà ni méjèèjì wà, ìwọ̀n ọ́sálétì wọn sì súnmọ́ra. Ọ̀gọ́rùn-ún gíráàmù ewé tútù sípínáṣì sábà máa ń ní bíi 600 sí 1,000 mílígíráàmù ọ́sálétì, tẹ̀tẹ̀ náà sì lè ní tó bẹ́ẹ̀. Irú ewéko, ilẹ̀ tí a gbìn ín sí àti ọjọ́ orí ewé ni ó ń mú kí iye náà yàtọ̀.

Ṣọkọ wà nínú ẹbí tẹ̀tẹ̀ pẹ̀lú. Gbúre kò sí nínú ẹbí náà, ṣùgbọ́n ọ́sálétì pọ̀ nínú òun náà, nítorí náà ohun tí a sọ nípa bíbọ tẹ̀tẹ̀ kàn án.

## Bí ọ́sálétì ṣe ń di òkúta

Ọ̀nà méjì ni ọ́sálétì gbà wà nínú ewé. Àkọ́kọ́ ni èyí tí ó so mọ́ pòtásíọ̀mù tàbí sódíọ̀mù. Ó ń yòrò nínú omi, ìfun sì lè gbà á sínú ẹ̀jẹ̀. Èkejì ni èyí tí ó ti so mọ́ kálsíọ̀mù nínú ewé fúnra rẹ̀. Èyí kì í yòrò, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì máa ń bá ìgbẹ́ jáde láìṣe ara ní nǹkan kan. Nítorí náà, èyí tí ń yòrò ni ó yẹ kí ẹni tí ń dáná gbájú mọ́.

Nínú ìdá ọgọ́rùn-ún òkúta kíndìnrín, bíi 80 jẹ́ òkúta kálsíọ̀mù, kálsíọ̀mù ọ́sálétì, CaC₂O₄, sì ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Nígbà tí ìtọ̀ bá ki, tí ọ́sálétì àti kálsíọ̀mù inú rẹ̀ sì ju ohun tí omi ìtọ̀ lè gbé lọ, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í dì bí iyọ̀ ṣe ń dì nínú ìkòkò tí omi rẹ̀ ń gbẹ. Oúnjẹ nìkan kọ́ ni orísun ọ́sálétì inú ìtọ̀. Ẹ̀dọ̀ ń ṣe é lójoojúmọ́, ara sì ń sọ díẹ̀ nínú fítámì C di ọ́sálétì. Ìdí nìyí tí lílo oògùn fítámì C oníwọ̀n ńlá lójoojúmọ́ fi lè dá kún ewu náà.

Tẹ̀tẹ̀ nìkan kì í dá òkúta sílẹ̀. Ní ọdún 1978, oníṣègùn J. O. Esho tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nípa bí òkúta ọ̀nà ìtọ̀ ṣe ṣọ̀wọ́n tó ní Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ ẹ̀fọ́ kò ṣọ̀wọ́n nínú oúnjẹ àwọn ènìyàn rẹ̀ nígbà náà. Ara tí kò ní omi tó, iyọ̀ àjẹjù, àbímọ́ àti àrùn ìfun wà lára ohun tí ń pinnu ẹni tí òkúta yóò mú.

## Bíbọ ẹ̀fọ́

Nínú ìwádìí tí Chai àti Liebman tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2005, bíbọ àwọn ẹ̀fọ́ nínú omi mú ìdá 30 sí 87 nínú ọgọ́rùn-ún ọ́sálétì tí ń yòrò kúrò. Fífi ooru omi nìkan sè wọ́n mú ìdá 5 sí 53 kúrò. Ohun tí ó fa ìyàtọ̀ náà ni pé iná kì í pa ọ́sálétì. Ó ní láti rí omi tí yóò yòrò sí, a sì ní láti da omi náà nù.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. A ó já ewé kúrò lára igi rẹ̀, a ó fọ̀ ọ́, a ó sì gé e, nítorí ewé tí a gé ń jẹ́ kí omi ráyè wọ inú rẹ̀ ju odidi ewé lọ. A ó gbé omi púpọ̀ kaná, bíi lítà mẹ́ta fún ìdajì kílò ewé. Nígbà tí omi bá hó dáadáa ni a ó da ewé sí i, a ó sì jẹ́ kí ó hó fún bíi ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn náà a ó da gbogbo rẹ̀ sínú ajere, a ó fi omi tútù ṣàn án, a ó sì fún un títí omi yóò fi dínkù gidigidi lára rẹ̀. Ìgbà náà ni ó tó wọ inú ata àti epo tí ó ti ń dín lórí iná.

A lè fi ìṣirò àpẹẹrẹ kan wo ohun tí èyí ń ṣe. Ká ní ìdajì kílò tẹ̀tẹ̀ wà fún ènìyàn márùn-ún, tí ọ̀gọ́rùn-ún gíráàmù rẹ̀ sì ní 1,000 mílígíráàmù ọ́sálétì. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 5,000. Bí 3,500 nínú rẹ̀ bá jẹ́ èyí tí ń yòrò, tí bíbọ̀ sì mú ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ lọ, 2,100 ti bá omi lọ nìyẹn, ó ku 2,900. Abọ́ kọ̀ọ̀kan tí ìbá ní 1,000 mílígíráàmù wá ní 580. Bí ìfun bá gba ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, 50 mílígíráàmù ìbá wọ inú ẹ̀jẹ̀ láti inú ẹ̀fọ́ tí a kò bọ̀, ṣùgbọ́n 29 ni yóò wọ ibẹ̀ báyìí. Àwọn oníṣègùn sì ka nǹkan bíi 40 sí 45 mílígíráàmù nínú ìtọ̀ ọjọ́ kan sí òpin ohun tí ó yẹ. Àní ẹ̀fọ́ tí a bọ̀ ṣì ní ọ́sálétì tí kò kéré, nítorí náà bíbọ̀ nìkan kò sọ tẹ̀tẹ̀ di oúnjẹ tí ẹni tí òkúta ti mú rí lè máa jẹ láìwọ̀n.

Àwọn àṣìṣe kan wà tí ń sọ iṣẹ́ yìí di òfo. Omi díẹ̀ máa ń tètè kún fún ọ́sálétì, bí a bá sì jẹ́ kí ó gbẹ mọ́ ewé lára, kò sí ohun tí ó jáde. Ẹni tí ó bá fi omi tí a fi bọ ẹ̀fọ́ ṣe ọbẹ̀ ti dá ohun tí ó yọ padà. Ẹ̀fọ́ tí a dà tààrà sínú epo gbígbóná kò rí omi tí ọ́sálétì rẹ̀ yóò bá lọ, ewé tútù tí a lọ̀ mu kò sì pàdánù nǹkan kan rárá. Kánún ń mú kí ewé tètè rọ̀, ṣùgbọ́n kò gba ipò omi tí a dà nù. A kò sì lè fi àwọ̀ omi mọ̀ bóyá ọ́sálétì ti jáde, nítorí ọ́sálétì kò ní àwọ̀. Omi pupa tí ń jáde lára tẹ̀tẹ̀ pupa jẹ́ aró ewé náà lásán.

Bíbọ̀ ní ohun tí ó ń náni. Ọ̀pọ̀ fítámì C ń bá omi náà lọ, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú irin àti nínú èròjà tí ara ń sọ di fítámì A ń kù sínú ewé.

## Kálsíọ̀mù nínú oúnjẹ kan náà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹni tí òkúta kálsíọ̀mù mú gbọ́dọ̀ sá fún oúnjẹ oníkálsíọ̀mù. Òdìkejì rẹ̀ ni ó sún mọ́ òótọ́. Bí kálsíọ̀mù àti ọ́sálétì bá pàdé nínú ìfun, wọ́n á dì mọ́ra níbẹ̀, wọ́n á sì bá ìgbẹ́ jáde láìdé kíndìnrín. Ní ìlú Bonn ní Jámánì, ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2004 fi hàn pé àwọn tí ń jẹ 200 mílígíráàmù kálsíọ̀mù lójúmọ́ gba ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún ọ́sálétì tí a fún wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí kálsíọ̀mù náà di 1,200, ìdá 2.6 ni wọ́n gbà. Ní Ítálì, Borghi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọpa 120 ọkùnrin tí òkúta ti mú rí fún ọdún márùn-ún, wọ́n sì tẹ èsì náà jáde ní ọdún 2002. Òkúta padà mú 23 nínú 60 tí ó dín kálsíọ̀mù kù. Nínú 60 tí ó jẹ kálsíọ̀mù bó ṣe yẹ, tí ó sì dín iyọ̀ àti ẹran kù, àwọn 12 ni ó padà mú.

Àkókò ni ó ṣe pàtàkì níbí: wàrà tí a jẹ ní àárọ̀ kò lè di ọ́sálétì ẹ̀fọ́ alẹ́ mú. Wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń tà, bí a bá gé e sínú ẹ̀fọ́ rírò, àti ẹja kéékèèké tí a ń jẹ tegungun-tegungun, jẹ́ orísun kálsíọ̀mù tí ó bá ọbẹ̀ náà mu. Edé náà ń fi díẹ̀ kún un. Iyọ̀ àti èròjà amọ́bẹ̀dùn tí iyọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ ń ṣe òdìkejì, nítorí wọ́n ń mú kí kálsíọ̀mù inú ìtọ̀ pọ̀ sí i.

## Àwọn tí ó yẹ kí ó ṣọ́ra

Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ pé, tí kò ní òkúta rí, kò ní ìdí láti sá fún tẹ̀tẹ̀ bíbọ̀. Ọ̀rọ̀ náà le fún àwọn tí òkúta kálsíọ̀mù ọ́sálétì ti mú rí, àwọn tí wọ́n gé ìfun tàbí ikùn wọn nínú iṣẹ́ abẹ, àti àwọn tí kíndìnrín wọn ti ń rẹ̀. Mímu ewé tútù tí a lọ̀ lójoojúmọ́ ni ó léwu jù fún irú àwọn bẹ́ẹ̀. Ẹni tí òkúta ti mú rí tún gbọ́dọ̀ máa mu omi tí yóò mú kí ó tọ̀ tó lítà méjì ààbọ̀ lójúmọ́. Ìtọ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí tíì jẹ́ àmì pé omi kò tó.

Ìrora òkúta sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lójijì ní ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀yìn lábẹ́ ìhà, a máa sọ̀ kalẹ̀ lọ sí abẹ́ ikùn, a sì máa dé bí ìgbì. Èébì àti ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ lè bá a rìn. Bí ibà tàbí òtútù bá dara pọ̀ mọ́ ọn, tàbí tí ìtọ̀ bá dá, ó lè jẹ́ pé òkúta ti dí ọ̀nà, kòkòrò sì ti wọ inú ìtọ̀ tí ó há. Èyí kì í ṣe ohun tí a fi ń dúró di ọjọ́ kejì kí a tó lọ sí ilé-ìwòsàn. Ní agbègbè Rẹ́mọ, Ilé-Ìwòsàn Ìkọ́ni Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ wà ní Ṣàgámù. Bí òkúta bá jáde fúnra rẹ̀, ó yẹ kí a fi asẹ́ gbà á, kí a sì gbé e lọ fún àyẹ̀wò, nítorí irú òkúta kan wà tí ọ́sálétì kò lọ́wọ́ nínú rẹ̀, bíbọ ẹ̀fọ́ kò sì ní dá a dúró.