Bí fọ́ọ̀mù orí íńtánẹ́ẹ̀tì kò bá ní ìpínlẹ̀, orílẹ̀-èdè tàbí iṣẹ́ yín, èwo lẹ máa mú?

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá kan wà ní Ìbàdàn tó ń ránṣọ. Òṣogbo ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1984, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló sì wà nínú ìwé ìbí rẹ̀. Ó fẹ́ ṣí àkáǹtì lórí fóònù. Nígbà tó tẹ àpótí ìpínlẹ̀, gbogbo orúkọ tò sílẹ̀ rẹrẹẹrẹ, ó wá dúró: ṣé Oyo ni kó mú ni àbí Osun?

Ìwé rẹ̀ kò parọ́. Abẹ́ Ọ̀yọ́ ni Òṣogbo wà nígbà yẹn; ọdún 1991 ni wọ́n yọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí wọ́n bí sí Adó-Èkìtì ṣáájú ọdún 1996 lè rí Oǹdó nínú ìwé tirẹ̀, ẹni tí wọ́n sì bí sí Kàbà ṣáájú 1991 lè rí Kwara, bẹ́ẹ̀ abẹ́ Kogí ló wà báyìí. Àkójọ tó wà nínú fọ́ọ̀mù kò mọ ìtàn yìí. Bí nǹkan ṣe rí lónìí nìkan ló mọ̀. Torí náà, ẹ mú ìpínlẹ̀ tí ìlú náà wà lónìí. Osun ni ìyá wa máa mú.

Ọ̀nà kan wà tẹ́ ẹ lè fi mọ̀ pé ẹ ti ṣìnà. Lẹ́yìn ìpínlẹ̀, ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù máa ń béèrè ìjọba ìbílẹ̀. Bí ìyá wa bá mú Oyo, kò ní rí Osogbo nínú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tó bá yọ jáde. Kó má wulẹ̀ mú ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn o. Kó padà lọ tún ìpínlẹ̀ ṣe ni. Bó bá jẹ́ pé Oyo ló ti wà lórí NIN rẹ̀, kó kọ́kọ́ lọ tún NIN ṣe, torí ilé ìfowópamọ́ lè fi ọ̀kan wé èkejì.

Kẹ́ ẹ sì wo ohun tí wọ́n béèrè dáadáa. "State of origin" ni ìpínlẹ̀ tí ìdílé yín ti wá, "State of residence" sì ni ibi tẹ́ ẹ ń gbé. Oyo ni èsì ìyá wa fún èyí kejì, torí Ìbàdàn ló ń gbé. Ẹni tó bá ń gbé Abuja, tí kò sì rí i níbi A, kó wá "FCT" tàbí "Federal Capital Territory".

Ní ti orílẹ̀-èdè, orúkọ tí wọ́n ń pè é lónìí náà lẹ máa mú. Ẹni tí wọ́n bí sí Pọ̀tọ̀-Nófò nígbà tí wọ́n ṣì ń pe ibẹ̀ ní Dahomey, "Benin" ni kó mú. Ọdún 1975 ni wọ́n yí orúkọ náà padà. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bí sí Benin City, "Nigeria" ni tirẹ̀. Bí ẹ kò bá rí England, ẹ wá "United Kingdom". Ẹ tún ṣọ́ra fún "Niger", òun ló sábà máa ń wà lókè "Nigeria" gan-an, ìka lè yọ̀. Bí nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí fóònù bá di +227 dípò +234, Niger lẹ ti mú yẹn.

Ó wá ku iṣẹ́. Ká ní ìyá wa fẹ́ lọ wo ọmọ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tó sì ń kọ fọ́ọ̀mù físà DS-160. Kò sí aránṣọ nínú àkójọ iṣẹ́ ibẹ̀. Kó má mú "Not Employed" torí pé kò gba owó oṣù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ nìyẹn. Kó mú "Other", àpótí mìíràn á yọ jáde, kó wá kọ "Tailor" síbẹ̀. Lórí fọ́ọ̀mù tí kò ní àpótí àlàyé, kó mú èyí tó sún mọ́ ọn jù, bí "Artisan" tàbí "Self-employed". Ohun tó bá mú, kó lè fẹnu sọ ọ́ bákan náà bí wọ́n bá bi í.

Kẹ́ ẹ tó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, ẹ padà ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ mú. Bẹ́ ẹ bá rí "Abia" tàbí "Afghanistan" níbi tí kò yẹ, èyí tó ṣáájú nínú àkójọ lẹ fi sílẹ̀ láìmọ̀.