Ìlú, Ènìyàn, Àmì: Bí Àrùn Ṣe Ń Gba Orúkọ

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún àrùn: ẹni tí ó sọ ọ́ lórúkọ a máa wo ibi tí a ti kọ́kọ́ rí i, tàbí ẹni tí ó ṣàwárí rẹ̀, tàbí àmì tí ó ń fi hàn lára aláìsàn.

Ní 1969, nọ́ọ̀sì míṣọ́nnárì kan ṣàìsàn ní ìlú Lásà, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Nàìjíríà, ó sì kú. Orúkọ ìlú náà ni àwọn onímọ̀ fi pe àrùn tí ó pa á. Eku ni ó ń gbé àrùn yìí kiri ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó jà ní Borgú, nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wa níhìn-ín, ní 2016. Síbẹ̀, Lásà nìkan ni ó ń ru ẹrù orúkọ náà.

Èyí wà lọ́kàn àwọn onímọ̀ tí wọ́n péjọ sí Kìnṣásà ní 1976. Àrùn kan ti bẹ́ sílẹ̀ ní Yambúkù: nínú 318 ènìyàn tí ó mú, 280 ni ó kú. Wọn kò fẹ́ kí orúkọ Yambúkù di ohun tí ayé ń sá fún, nítorí náà wọ́n wá odò kan lórí àwòrán ilẹ̀. Lójú àwòrán kékeré náà, odò Ẹ̀bólà ni ó dàbí ẹni pé ó sún mọ́ ìlú náà jù, ṣùgbọ́n ó jìnnà tó nǹkan bí 100 kìlómítà. Orúkọ náà bo Yambúkù láṣìírí, àmọ́ kò sọ ohunkóhun nípa àrùn náà fúnra rẹ̀.

Orúkọ ènìyàn náà kì í júwe àrùn, ṣùgbọ́n ó lè mú ẹ̀gàn kúrò. Hansen, oníṣègùn ará Nọ́wè, ni ó rí kòkòrò tí ń fa ẹ̀tẹ̀ ní 1873. Ní Bràsíl, òfin 1995 pàṣẹ pé kí ìwé ìjọba máa fi orúkọ Hansen pe àrùn náà, kí ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí a fi ń lé adẹ́tẹ̀ kúrò láwùjọ má baà wọ inú rẹ̀ mọ́.

Orúkọ tí ó ti ara àmì wá ni èdè wa fẹ́ràn jù. Ibà pọ́njú sọ fún ìyá ọmọ pé kí ó wo ojú ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àrùn ẹ̀dọ̀ náà a máa mú ojú pọ́n. Àmì kan ṣoṣo lè bo àrùn méjì mọ́lẹ̀, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni yóò sì yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ní 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí a má ṣe fi orúkọ ìlú, ènìyàn tàbí ẹranko sọ àrùn tuntun mọ́, bí kò ṣe àmì rẹ̀ àti ohun tí ó ń fà á. Ìmọ̀ràn náà kò kan orúkọ àtijọ́: Lásà ṣì ń ru ti tirẹ̀.