Ọjọ́ tí Èènì Ba Ọjà Jẹ́ l'Ágbẹ́ni

Aago 7 àárọ̀, ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù. Èmi ni aṣojú iléeṣẹ́ ọṣẹ ìfọṣọ ẹlẹ́búlẹ́bú kan ní ọjà Agbẹ́ni, n'Ìbàdàn. Ìsọ̀ Ìyá Ìbejì ni mo kọ́kọ́ yà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọwọ́ ara mi ni mo fi so ọ̀rá ọṣẹ wa síwájú ìsọ̀ wọn, tó gùn wálẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, níbi tí ojú oníbàárà ti máa ń kọ́kọ́ bà. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Páálí 20 tí wọ́n rà ní ₦10,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan ló jẹ́ kí wọ́n gbà: ọjà tí owó ẹni há sí lèèyàn ń gbé síwájú.

Aago 9, mo dé ọ̀dọ̀ Alàájì, disitíríbútọ̀ wa. ₦9,700 là ń ta páálí kan fún wọn. Bí wọ́n bá gbé 1,000 páálí láàárín oṣù, iléeṣẹ́ yóò dá ₦400 padà fún wọn lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá dín ẹyọ kan, wọn ò ní rí nǹkan kan. 850 ló wà nínú ìwé wọn.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé 150 tó kù, tí wọ́n sì tà á ní ₦9,300, wọ́n á pàdánù ₦60,000. Ṣùgbọ́n ₦400,000 ń bọ̀ wá bá wọn.

Aago 11, ọkọ̀ já 150 páálí. Kó tó di aago 1, àwọn tó ń rà lọ́pọ̀ ti kó gbogbo rẹ̀ lọ.

Aago 3, Ìyá Ìbejì ránṣẹ́ pè mí.

"Ọmọ mi, èló ni mo ra páálí kan?"

"Ẹgbàárùn-ún náírà ni, Mà."

"Wọ́n ń tà á ní ₦9,300 ní ìsọ̀ tó kọjú sí mi."

Mo lọ wò ó. Ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sára páálí náà bá ti ẹrù àárọ̀ mu. Páálí 17 ló ṣì wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ Ìyá Ìbejì. ₦11,900 ti wọgbó.

Aago 4, Ìyá Ìbejì já ọ̀rá wa sílẹ̀, wọ́n so ti iléeṣẹ́ mìíràn sí ìkọ́ kan náà. Mi ò lẹ́nu láti bẹ̀ wọ́n.

Mi ò dá Alàájì lẹ́bi. Àwa la gbé èènì ka orí iye páálí tó jáde ní iléeṣẹ́, tí a sì so gbogbo rẹ̀ mọ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ká ní iye ìsọ̀ tó rà á la kà, tí a sì pín in sí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kò ní sí ìdí fún wọn láti da ọjà nù.

Aago 6, ọ̀gá mi pè láti kí mi kú oríire: a ti bá iye oṣù náà. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, páálí 420 ni Alàájì gbé.