Ìgbàtọ́ Kì í Ṣe Ìgbàṣọmọ: Bí Òfin Ṣe Ń Sọ Ọmọ Ẹlòmíràn Di Ọmọ Ẹni Nílùú Èkó

Kò sí àdúgbò Yorùbá kan tí a kò ti ní rí ọmọ tí kì í ṣe ìyá tó bí i ló tọ́ ọ dàgbà. Ẹ̀gbọ́n a mú ọmọ àbúrò rẹ̀ sọ́dọ̀, ìyá àgbà a gba ọmọ ọmọ rẹ̀, ẹni tí kò bímọ a sì gba ọmọ mọ̀lẹ́bí kí ilé rẹ̀ má baà dá wáí. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí àwọn baba wa ṣe ń ṣe é. Ọmọ tí a gbà tọ́ kì í tìtorí ìyẹn kúrò nínú ìdílé tó bí i. Oríkì baba tó bí i ni wọ́n ń kì í, ibẹ̀ náà ló sì ti ń retí ìpín tirẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá pín ogún. Ìgbàtọ́ nìyẹn. Ìgbàṣọmọ yàtọ̀ sí i. Òun ni òfin fi ń tú okùn ọmọ kúrò lára àwọn òbí kan, tó sì ń so ó mọ́ àwọn òbí mìíràn títí láé.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó wá ṣàkóso Èkó kò mú irú òfin bẹ́ẹ̀ wá, nítorí àwọn náà kò ní in nígbà yẹn. Ìpínlẹ̀ Masasúsẹ́ẹ̀tì ní Amẹ́ríkà ti ṣe tirẹ̀ ní 1851, ṣùgbọ́n ó di ọdún 1926 kí ilé aṣòfin Ìlú Ọba tó ṣe ti Ẹ́ńgíláǹdì. Ìgbà tí wọ́n sì ṣe é tán, kò kàn wá. Àwọn òfin gbogbogbòò Ìlú Ọba tí kóòtù wa ń tẹ̀ lé ni èyí tó ti wà nílẹ̀ títí di ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1900. Ti 1926 ti pẹ́ dé jù. Báyìí ni Nàìjíríà ṣe gba òmìnira láìní òfin ìgbàṣọmọ kankan. Apá Ìlà-Oòrùn ló kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀ ní 1965. Ìpínlẹ̀ Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, ṣe tirẹ̀ ní 1968. Lẹ́yìn náà ni òfin àpapọ̀ lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé jáde ní 2003, Èkó sì ṣe tirẹ̀ tó jọ ọ́ ní 2007.

Kí ló wá kan ará Fẹ́sítáàkì nínú èyí? Ẹ rántí bí ìlú náà ṣe dáyé. Ìjọba àpapọ̀ kọ́ ọ fún àlejò àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú tó wáyé ní oṣù Kìíní sí oṣù Kejì 1977, lẹ́yìn náà ni wọ́n pín ilé ibẹ̀ fún ará ìlú. Ọkọ, aya àti ọmọ ló ń gbé inú fúláàtì, olúkúlùkù láti ìlú tirẹ̀. Nínú agbo ilé, àwọn àgbà mọ bí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣe dé, wọ́n sì lè jẹ́rìí sí i. Ní Fẹ́sítáàkì àti káàkiri Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin, ohun tí aládùúgbò mọ̀ kò ju pé ọmọ náà ń pè yín ní dádì. Bí dádì bá kú láìkọ ìwé ìhágún, tí àwọn àbúrò rẹ̀ ti ilé dé, ìbéèrè wọn kì í pọ̀: "Ta ló bí ọmọ yìí?" Ìwé kan ṣoṣo ló ń dáhùn ìbéèrè náà.

Ẹ jẹ́ ká fi tọkọtaya kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọkọ jẹ́ ẹni ọdún 44, aya jẹ́ ẹni ọdún 39, wọ́n sì fẹ́ gba ọmọbìnrin ọlọ́dún méjì. Ọjọ́ orí wọn bófin mu, nítorí òfin 2003 ní kí ẹni tó ń gbọmọ tó ẹni ọdún 25, kó sì fi ọdún 21 ju ọmọ náà lọ. Ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ wẹ́líféà ìjọba ni wọn yóò kọ́kọ́ lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì tó "mọ ibi tí ọmọ wà." Òfin kan náà fẹ́ kí wẹ́líféà ti gbọ́ nípa èrò wọn fún oṣù 12, ó kéré tán, kí kóòtù tó pàṣẹ. Wọn yóò mú ìwé ìgbéyàwó, ìwé ọjọ́ orí, fọ́tò, àti ìwé àyẹ̀wò ara láti ọsibítù ìjọba wá.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda òbí. Ẹ jẹ́ ká ní ìyá ọmọ náà wà láàyè, ó kàn rí i pé agbára òun kò ká a ni. Òun fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ó sì gbọ́dọ̀ yé e pé kò sí "n ó padà wá mú un" níbẹ̀ mọ́. Bí ó bá sọ pé, "Ẹ bá mi tọ́ ọ ná, bí nǹkan bá dára n ó dé," ìgbàtọ́ ló ń sọ, kò tíì yọ̀ǹda. Bí ọmọ náà bá jẹ́ èyí tí wọ́n gbé sọnù, wọ́n á kọ́kọ́ fi tó ọlọ́pàá létí, wọ́n á wá òbí rẹ̀ tì, kí ọ̀rọ̀ tó lọ síwájú. Owó kò sì gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ra ọmọ tàbí tó tà á, ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ni òfin 2003 là sílẹ̀ fún un. Ẹni tó bá ní kí ẹ san iye kan, kí ẹ wá gbé ọmọ lọ́la, pẹ̀lú sàtífíkéètì ìbí tó ti gbé orúkọ yín, ẹ sá fún un.

Àbẹ̀wò ilé ló kàn. Òṣìṣẹ́ yóò wá wo ilé wọn ní Fẹ́sítáàkì, ṣùgbọ́n kì í ṣe kápẹ́ẹ̀tì ló wá wò. Ó fẹ́ mọ ibi tí ọmọ yóò sùn, ohun tí owó ilé ń ti inú rẹ̀ wá, àwọn tó tún ń gbé níbẹ̀, àti bóyá ọkọ fẹ́ ọmọ náà tọkàntọkàn bí aya ṣe fẹ́ ẹ. Ibí ni ọ̀pọ̀ nǹkan ti ń tú. Obìnrin mìíràn ti di aṣọ mọ́kùn, ó ń sọ fún ìyá ọkọ pé òun lóyún. Ọkọ mìíràn kàn ń gbà kí ìjà lè tán ni. Ohun tí ẹ bá fi pamọ́ fún òṣìṣẹ́ lónìí, àwọn mọ̀lẹ́bí ni yóò hú u jáde lọ́jọ́ ogún.

Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ déédéé, ọmọ náà yóò gbé lọ́dọ̀ wọn fún oṣù mẹ́ta gbáko, ó kéré tán, láìdá a dúró, kí kóòtù ìdílé tó pàṣẹ. Lákòókò yìí, ọmọ kò tíì di tiwọn. Kóòtù yóò gbọ́ àbọ̀ ìwádìí, yóò wo ire ọmọ, yóò sì pàṣẹ. Wọn yóò wá kọ àṣẹ náà sínú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ tí a gbà ṣọmọ. Láti ọjọ́ náà, òfin kà á sí ọmọ tí tọkọtaya náà bí nínú ìgbéyàwó, títí dórí ogún.

Ẹ ṣọ́ra o. Ìwé ìbúra tí ẹ ṣe lọ́wọ́ akọ̀wé kóòtù kì í ṣe àṣẹ kóòtù. Lẹ́tà láti ilé ọmọ aláìlóbìí kì í ṣe àṣẹ kóòtù. Àṣẹ tòótọ́ ń dárúkọ kóòtù, adájọ́ àti ọjọ́, ó ní òǹtẹ̀, ẹ sì lè padà lọ gba ẹ̀dà rẹ̀ ní kóòtù náà. Ibi tí ẹ fi ìwé ilé yín sí ni kí ẹ fi í sí. Ẹ̀yin tó jẹ́ pé ìgbàtọ́ lásán lẹ ń ṣe ńkọ́? Ẹ kọ ìwé ìhágún, kí ẹ dárúkọ ọmọ náà síbẹ̀, nítorí àbúrò ọkọ tó wá láti ilé kò ní bi yín léèrè ọdún tí ẹ fi pọ̀n ọ́n.