Great Expectations láti Orí Kìíní dé Orí 59: Ibi tí Owó Pip ti Wá

Àwọn ìwé ìrànwọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ ń gbára lé fún Great Expectations, ìtàn àròsọ gígùn tí Charles Dickens kọ, kì í fẹnu kò. Ọ̀kan yóò ní orí 39 ni aṣírí olówó tú, òmíràn yóò ní orí ogún apá kejì ni. Ọ̀kan yóò ní Pip àti Estella di tọkọtaya níkẹyìn, òmíràn yóò ní ọ̀nà wọn pín. Àríyànjiyàn àkọ́kọ́ kò tó nǹkan. Apá mẹ́ta ni wọ́n pín ìwé náà sí nígbà tí wọ́n dì í ní 1861: orí 19 wà nínú apá kìíní, 20 nínú èkejì, 20 nínú ẹ̀kẹta. Àwọn ẹ̀dà kan ń bẹ̀rẹ̀ òǹkà láti orí kìíní ní apá kọ̀ọ̀kan, àwọn yòókù ń kà á lọ tààrà dé 59. Ẹni tí ẹ̀dà rẹ̀ bá ń tún òǹkà bẹ̀rẹ̀ kàn máa fi 19 kún orí apá kejì, kí ó fi 39 kún ti apá kẹta, yóò sì bá àwọn yòókù dọ́gba. Òǹkà tààrà ni mo lò níhìn-ín. Àríyànjiyàn kejì le ju bẹ́ẹ̀ lọ, n óò sì padà sí i, nítorí ẹni tí kò bá tọ ipasẹ̀ owó Pip láti orí kìíní kò lè mọ èyí tó tọ́ nínú ìparí méjèèjì.

Bí ìwé náà ṣe jáde ló sọ ọ́ di alórí kúkúrú. Ohun tí Dickens ní lọ́kàn tẹ́lẹ̀ ni láti máa tẹ̀ ẹ́ lóṣooṣù fún ogún oṣù. Ṣùgbọ́n All the Year Round, ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ olóòtú rẹ̀, ń gbé ìtàn Charles Lever kan jáde lọ́wọ́, àwọn òǹkàwé kò sì gba ti ìtàn náà. Ọjà ìwé ìròyìn ọ̀hún ń lọ sílẹ̀. Ni Dickens bá kó ìtàn tirẹ̀ síbẹ̀ láti gba iṣẹ́ là, ó sì jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti 1 Oṣù Kejìlá 1860 títí di 3 Oṣù Kẹjọ 1861. Ẹni tó ń kọ̀wé fún ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi nǹkan sílẹ̀ tí òǹkàwé yóò máa rántí di ọjọ́ iwájú. Ìdí nìyẹn tí àwọn ohun kéékèèké inú ìwé yìí fi ń padà wá lẹ́yìn ogún tàbí ọgbọ̀n orí, tí akékúrú tó bá fò wọ́n sì fi ń sọ ìtàn náà di àkọsẹ̀bá lásán.

Orí kìíní sí ìkẹfà jẹ́ ìtàn ọjọ́ méjì péré, ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì àti ọjọ́ Kérésìmesì gan-an, létí irà ìpínlẹ̀ Kent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Pip, ọmọ òrukàn tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin àti ọkọ rẹ̀, Joe alágbẹ̀dẹ, ń tọ́, wà ní ibojì àwọn òbí rẹ̀ nígbà tí ẹlẹ́wọ̀n kan tó sá, tí ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, dẹ́rù bà á pé kí ó lọ mú oúnjẹ àti irin ìrẹ́ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ wá. Ọmọ náà jí wọn nílé, ó sì gbé wọn fún un. Nígbà tí àwọn ṣọ́jà mú ẹlẹ́wọ̀n yìí pẹ̀lú ọ̀tá rẹ̀ kan tí òun náà sá, ó sọ níwájú gbogbo ènìyàn pé òun ni òun jí oúnjẹ ilé alágbẹ̀dẹ, kí ẹ̀bi má baà dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà. Joe dáhùn pé àwọn kì í fẹ́ kí ebi pa ẹnikẹ́ni kú, ohun yòówù kí onítọ̀hún ṣe. Àwọn akékúrú máa ń fi gbólóhùn kan kọjá lórí gbogbo èyí, bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ ni gbèsè tó gbé ìwé náà ró ti bẹ̀rẹ̀. Láti orí keje ni wọ́n ti ń mú Pip lọ sí Satis House, ilé Miss Havisham, obìnrin olówó tí ọkọ àfẹ́sọ́nà já sílẹ̀ ní àárọ̀ ìgbéyàwó; ó ti dá gbogbo aago ilé dúró sí aago mẹ́jọ kọjá ogójì ìṣẹ́jú, aṣọ ìyàwó ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Níbẹ̀ ni Estella, ọmọ tí obìnrin náà gbà tọ́, ti fi ọwọ́ líle Pip àti bàtà rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ojú ilé àti ojú iṣẹ́ Joe sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọmọ náà. Lórí kẹwàá, àjèjì kan nínú ilé ọtí fi irin ìrẹ́ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ọjọ́ náà ro ọtí rẹ̀ lójú Pip, ó fún un ní ṣílè kan tó fi owó bébà pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan méjì wé. Lórí 15 àti 16, wọ́n fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ kan tí ẹnì kan ti rẹ́ lu ẹ̀gbọ́n Pip títí tí kò fi lè sọ̀rọ̀ mọ́. Orlick, òṣìṣẹ́ Joe, ló ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí 53 ni yóò tó jẹ́wọ́. Lórí 18, agbẹjọ́rò Jaggers láti Lọ́ńdọ̀nù wá kéde pé ẹnì kan tí kò fẹ́ kí a dárúkọ òun fẹ́ sọ Pip di ọ̀tọ̀kùlú. Nítorí pé Jaggers náà ni agbẹjọ́rò Miss Havisham, Pip gbà pé obìnrin náà ló ń náwó. Apá kìíní parí sórí 19 pẹ̀lú ìrìn àjò rẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù.

Apá kejì, láti orí 20 dé 39, ni mo rí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kánjú kà jù, nítorí ó dà bíi pé kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Pip ń bá Herbert Pocket gbé, ó ń jẹ gbèsè, ó ń tẹ̀lé Estella kiri. Orí mẹ́ta ni kí ẹni tó ń ka apá yìí dúró lé. Lórí 27, Joe wá kí i ní Lọ́ńdọ̀nù, inú Pip kò sì dùn láti rí i. Joe rí i bẹ́ẹ̀, ó sì padà sílé láìbínú. Lórí 28, Pip wọ kẹ̀kẹ́ ẹṣin kan náà pẹ̀lú ẹlẹ́wọ̀n méjì, ó gbọ́ tí àjèjì ilé ọtí ọjọ́sí ń sọ pé ẹlẹ́wọ̀n kan ló fi pọ́n-ùn méjì rán òun sí ọmọ kan tó bọ́ ọ létí irà. Lórí 39, nígbà tí Pip pé ọmọ ọdún 23, ẹlẹ́wọ̀n náà fúnra rẹ̀, Abel Magwitch, gun àtẹ̀gùn wọlé lóru òjò. Kí ó tó sọ ohun tó bá wá, Pip ti na pọ́n-ùn méjì tuntun sí i láti fi san ti àtijọ́. Magwitch ká wọn pọ̀, ó sì fi iná jó wọn. Lẹ́yìn náà ló sọ pé òun ni olówó, pé owó àgùntàn tí òun sìn nínú ìgbèkùn ní Ọsirélíà ni Pip fi di ọ̀tọ̀kùlú. Àwọn kan ń bẹnu àtẹ́ lu Dickens pé ó fi aṣírí yìí pamọ́ fún òǹkàwé lọ́nà ẹ̀tàn. Ẹ̀sùn náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: pọ́n-ùn méjì kan náà ni orí 10, 28 àti 39 ń gbé lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, ojú wa ló sì ti ń lọ. Pip ni kò fẹ́ rí i, nítorí pé ó wù ú kí owó rẹ̀ ti ilé ńlá wá.

Nínú apá kẹta, gbogbo okùn padà sí ojú kan. Ikú ni òfin là sílẹ̀ fún ẹni tí a lé lọ tó bá padà wálé, nítorí náà Pip gbọ́dọ̀ fi Magwitch pamọ́. Lórí 42, Magwitch ròyìn ayé rẹ̀: Compeyson, ọ̀tá tí wọ́n jọ mú nínú irà, ni ọkọ àfẹ́sọ́nà tó tan Miss Havisham jẹ. Lórí 44, Miss Havisham gbà pé òun mọ̀ pé Pip ṣì òun mú fún olówó náà, òun kò sì tún un ṣe. Lórí 48 sí 51, Pip tò ó pọ̀ pé Molly, ìránṣẹ́ Jaggers, ni ìyá Estella, Magwitch sì ni bàbá rẹ̀. Láàárín èyí, lórí 49, Miss Havisham bẹ̀ ẹ́ fún ìdáríjì, iná sì mú aṣọ rẹ̀. Lórí 54, Pip àti Magwitch gbìyànjú láti fi ọkọ̀ ojú omi sá lọ sókè òkun, Compeyson tú wọn fó, ó sì kú sínú odò. Lórí 56, wọ́n dájọ́ ikú fún Magwitch, ṣùgbọ́n ó kú sí ẹ̀wọ̀n pẹ̀lú ọwọ́ Pip nínú ọwọ́ rẹ̀, lẹ́yìn tí Pip ti sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ wà láàyè. Ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé gbogbo owó náà. Lórí 57, Joe tọ́jú Pip nínú àìsàn, ó san gbèsè rẹ̀, ó sì rọra lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Lórí 58, Pip padà sílé láti fẹ́ Biddy, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ó bá a lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ pẹ̀lú Joe.

Àwọn kan yóò sọ pé ìtàn ìfẹ́ ni ìwé yìí, pé bí mo ṣe fi owó ṣe òpó rẹ̀ ti gbé Estella sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìwé fúnra rẹ̀ dá wọn lóhùn. Ìdí tí Pip fi ń fẹ́ jẹ́ ọ̀tọ̀kùlú ni kí ó lè yẹ fún Estella, tó kà sí ẹni tí kò sí ohun tó pa á pọ̀ mọ́ irà àti ẹ̀wọ̀n. Nígbà tí orí 50 sì fi hàn pé ọmọ ẹlẹ́wọ̀n kan náà ni, ìfẹ́ àti owó ti di orísun kan. Ẹni tó bá kọ kókó ọ̀rọ̀ ìwé náà sílẹ̀ láìfi ìtìjú, ẹ̀bi àti ọpẹ́ kún un kò tíì kọ nípa ìfẹ́ inú rẹ̀ rárá.

Ìparí ló kù. Nínú èyí tí Dickens kọ́kọ́ kọ, Estella ti fẹ́ dókítà kan lẹ́yìn ikú Drummle, ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́ tó máa ń lù ú; ó pàdé Pip ní òpópónà Lọ́ńdọ̀nù, ó rò pé ọmọ Joe tó wà lọ́wọ́ Pip ni ọmọ rẹ̀, wọ́n sì kí ara wọn, ó tán. Òǹkọ̀wé Edward Bulwer-Lytton ka èyí kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ó gba Dickens níyànjú pé kí ó yí i padà, Dickens sì kọ orí 59 tí à ń kà lónìí: wọ́n pàdé nínú àwókù Satis House, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú jáde. John Forster, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló tẹ ìparí àkọ́kọ́ náà jáde nínú ìtàn ìgbésí ayé Dickens ní 1874. Tèmi ni pé èyí àkọ́kọ́ bá ìwé mu jù, nítorí pé gbogbo ohun tí Pip rò pé yóò jẹ́ èrè rẹ̀ ni ìtàn ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀ láti orí 39, kò sì sí ìdí tí Estella yóò fi yàtọ̀. Wọ́n lè sọ pé òǹkọ̀wé ló ni ìwé rẹ̀, ó sì ti yàn. Òótọ́ ni, ẹ̀rí kan ṣoṣo tó sì dúró fún ìparí kejì nìyẹn, ó lágbára. Ṣùgbọ́n ìparí kejì pàápàá kò sọ pé wọ́n fẹ́ra. Gbólóhùn tó kẹ́yìn fi í sílẹ̀ ní ojú méjì, Dickens sì tún un tò nínú ẹ̀dà 1862 láìmú un dá lójú ju ti tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ìwé ìrànwọ́ tó bá kọ ọ́ pé wọ́n ṣe ìgbéyàwó ti parọ́ mọ́ ìparí méjèèjì.

Ìtàn náà ti di fíìmù lọ́pọ̀ ìgbà, ti David Lean ní 1946 ló sì gbajúmọ̀ jù. Ní 1997 Peter Carey, ọmọ Ọsirélíà, tún un sọ láti ojú ẹlẹ́wọ̀n nínú Jack Maggs. Kò sí èyí tó lè rọ́pò ìwé fún ẹni tó fẹ́ jókòó ìdánwò. Bí ìbéèrè bá bi ọ́ nípa ìparí, kọ èyí tó wà nínú ẹ̀dà tí wọ́n yàn fún ọ, dárúkọ èyí àkọ́kọ́ àti ọdún 1874, má sì kọ ìgbéyàwó síbẹ̀.